Ṣé Kí N Tẹ Àṣẹ fún AI ni, àbí Kí N Kọ́ Photoshop? Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Ya Fọ́tò Ọjà

Bí ẹ bá ń ta aṣọ ní Balógun tàbí Tejúoṣó, tí ẹ sì ń gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram àti WhatsApp, ẹ ó ti bi ara yín ní ìbéèrè yìí rí. Fọ́tò dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ rí wúruwùru. Ṣé kí ẹ tẹ ohun tí ẹ fẹ́ fún AI kó bá yín tún un ṣe, àbí kí ẹ jókòó kọ́ Photoshop?

Ìdáhùn tiwa nìyí: ohun tó yí ọjà ká, ẹ lè fi lé AI lọ́wọ́. Ọjà fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju ìwọ̀nba Photoshop tó máa jẹ́ kó lè dá ọjà rẹ̀ padà sórí ohun tí AI bá ṣe.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó lò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bùbá àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, aláró, ni wọ́n fi hángà kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Fóònù ni wọ́n fi yà á ní òòró, fọ́tò náà sì fẹ̀ ní píkísẹ́lì 3024, ó ga ní 4032. Wáyà iná, báró kan àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá wà lẹ́yìn aṣọ náà. Ohun tí ẹni tó ni ọjà fẹ́ ni ògiri aláwọ̀ eérú tó mọ́, láìsí nǹkan kan lára rẹ̀.

## Ohun tí AI ń ṣe sí fọ́tò yín gan-an

Ọ̀pọ̀ rò pé bí àwọn bá tẹ "yọ ohun tó wà lẹ́yìn aṣọ yìí kúrò", AI á gé ẹ̀yìn fọ́tò náà dànù, á sì fi aṣọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí à ń tẹ àṣẹ fún, bíi ChatGPT àti Gemini, máa ń wo fọ́tò yín ni, wọ́n á sì ya òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dà bíi télọ̀ tí ẹ ní kó bá yín dín ọwọ́ aṣọ kù, tó wá lọ rán aṣọ tuntun tó jọ ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ibi tí ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu kàn lè yí padà.

Lára aṣọ tí kò ní ọnà, èyí kì í hàn. Lára àdìrẹ, ó máa ń hàn kedere. Ẹ mú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: inú àpótí àpótí ni wọ́n ya ọnà rẹ̀ sí, ohun tó wà nínú àpótí kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọ̀kan nínú wọn ni òpó ilé Mápó, tí wọ́n ya ṣíbí sáàárín rẹ̀. AI á fún yín ní aṣọ aláró tó ní àpótí, tí ẹni tó ń kọjá lọ máa sọ pé àdìrẹ ni. Àmọ́ òpó lè dín kan, ṣíbí lè di ewé, àpótí méjì sì lè wọnú ara wọn. Oníbàárà tó mọ àdìrẹ á rí i lójú ẹsẹ̀, èyí tí kò sì mọ̀ ọ́n á rí i nígbà tí ẹrù bá dé ọwọ́ rẹ̀.

Nǹkan méjì mìíràn ń tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n: fọ́tò tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ yìí ń dá padà kéré sí ti fóònù yín. Ìwọ̀n òòró tó wọ́pọ̀ ni 1024 sí 1536, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fúnni ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni àwọ̀: AI fẹ́ràn kí fọ́tò dùn ún wò, nítorí náà ó lè sọ aró tó dúdú di búlúù tó ń tàn, tàbí kó fi àwọ̀ òòrùn ìrọ̀lẹ́ kún un láìjẹ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

## Ọ̀nà kìíní: títẹ àṣẹ

1. Ẹ kọ́kọ́ gé fọ́tò yín sí ìwọ̀n 2:3. Fọ́tò fóònù sábà máa ń jẹ́ 3:4. Bí èyí tí AI máa dá padà bá jẹ́ 2:3, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu ohun tó máa gé dànù tàbí ohun tó máa fi kún un. Fọ́tò ti 3024 sí 4032 á di 2688 sí 4032 tí ẹ bá gé e. Inú fóònù lẹ ti lè ṣe é. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí ẹ gé yìí, a máa padà lò ó.

2. Ẹ kọ àṣẹ náà ní ọ̀nà mẹ́ta: ohun tó máa yí padà, ohun tí kò gbọ́dọ̀ yí padà, àti bí fọ́tò ṣe máa dúró. Apá kejì àti ìkẹta ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé. Irú èyí dára:

```
Replace everything behind the garment with a plain light grey wall.
Keep the garment, its pattern, colours, folds and the hanger exactly as they are.
Do not crop, zoom or move anything. Keep the same lighting.
```

3. Ẹ ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì yan èyí tó sàn jù. Àṣẹ kan náà kì í mú èsì kan náà wá.

4. Bí ẹ bá fẹ́ àtúnṣe, ẹ padà sí fọ́tò ti àkọ́kọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: àwọn ènìyàn á tẹ "jẹ́ kí ògiri funfun díẹ̀ sí i", wọ́n á tún tẹ "yọ òjìji yẹn", orí èyí tí AI ti yà ni gbogbo rẹ̀ á sì máa bọ́ sí. Yíyà tuntun ni àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ọnà aṣọ náà á sì máa jìnnà sí ti gidi díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn tuntun kún àṣẹ ti àtijọ́, kí ẹ sì fi fọ́tò ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

5. Ẹ lo bọ́tìnnì Download. Bí ẹ bá ya ojú fóònù dípò rẹ̀, fọ́tò náà á tún kéré sí i.

Kí ẹ tó gbà pé ó dára, ẹ gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì wo:

- [ ] iye àpótí tó wà ní ìlà kan láti apá òsì dé apá ọ̀tún, àti ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan
- [ ] ìránṣọ ọrùn àti bọ́tìnnì, bí ó bá ní
- [ ] àwọ̀ aró níbi ìṣẹ́po aṣọ, torí pé ibẹ̀ ló ti máa ń kọ́kọ́ yí padà
- [ ] ìkọ́ hángà: ṣé ó ṣì kọ́ mọ́ nǹkan, àbí ó kàn ń léfòó lásán
- [ ] òjìji: ṣé apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti wá ló wà

## Ọ̀nà kejì: fífi ọwọ́ ṣe é nínú Photoshop

Ní ọ̀nà yìí, kò sí píkísẹ́lì kan lára aṣọ tó máa yí padà àyàfi bí ẹ̀yin bá yí i. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ fi etí aṣọ hàn án dáadáa.

1. Ẹ ṣí fọ́tò náà, kí ẹ tẹ `Ctrl+J` láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìpele mìíràn. Ìpele yìí ni Photoshop ń pè ní Layer. Ẹ pa ojú ti ìsàlẹ̀ dé, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

2. Nínú àkójọ `Select`, ẹ tẹ `Subject`. Ìlà kéékèèké tó ń rìn máa yí aṣọ náà ká. Kì í pé. Ó sábà máa ń fi hángà sílẹ̀, tàbí kó mú apá kan lára báró mọ́ aṣọ. Ẹ fi `Quick Selection Tool` kun ibi tó kù, kí ẹ sì di `Alt` mú láti yọ ohun tí kò yẹ.

3. Ẹ tẹ `Select and Mask`. Fún aṣọ tí etí rẹ̀ mú, ẹ fi `Radius` sí píkísẹ́lì 1 tàbí 2, ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀. Bí etí aṣọ bá ní wọ́nrínwọ́nrìn òwú, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti lo `Refine Edge Brush`. Ẹ má tẹ `Decontaminate Colors` fún àdìrẹ, nítorí ó ń kun etí aṣọ ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Níbi `Output To`, ẹ yan `New Layer with Layer Mask`.

4. Ìbòjú tí a pè ní Layer Mask yìí ló sàn ju kí ẹ pa ẹ̀yìn fọ́tò rẹ́, nítorí pé ohun tí ẹ bò kò sọnù. Ẹ tẹ orí rẹ̀, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì (`B`): dúdú ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, funfun ń dá a padà, `X` sì ni ẹ ó fi máa pààrọ̀ wọn. Ẹ fi `Hardness` sí nǹkan bíi 80%. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ jù á jẹ́ kí etí aṣọ dà bíi pé èéfín bò ó.

5. Ẹ fi ìpele `Solid Color` sí abẹ́ aṣọ, kí ẹ tẹ `#E6E6E6`. Ògiri aláwọ̀ eérú yín nìyẹn.

6. Òjìji ni yóò mú kí ó dà bí ohun gidi. Ẹ ṣí ìpele tuntun sáàárín aṣọ àti ògiri, ẹ yí ipò rẹ̀ láti `Normal` sí `Multiply`, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú tó rọ̀ kun ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ náà, kí ẹ sì dín `Opacity` kù sí nǹkan bíi 25%. Ẹ wo fọ́tò àkọ́kọ́ kí ẹ lè mọ ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti wá.

Ẹni tí kò tíì ṣe é rí á pẹ́ díẹ̀ lórí ìgbésẹ̀ 2 àti 4. Ibẹ̀ náà ló ti máa ń sú ènìyàn, pàápàá bí aṣọ bá jẹ́ léèsì tí ihò pọ̀ lára rẹ̀. Fún léèsì, ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ yà á síwájú ògiri gidi. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì tó máa gbà yín nínú ihò léèsì láìjẹ́ pé ẹ jìyà.

Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára (Photoshop nílò RAM 8GB ó kéré tán, 16GB ló sì dára fún un), ẹ lọ sí Photopea nínú bíráúsà. Ọ̀fẹ́ ni, pẹ̀lú ìpolówó ọjà, ó ń ṣí PSD, irú fáìlì tí Photoshop fi ń tọ́jú iṣẹ́, ẹ ó sì rí Layer àti ìbòjú nínú rẹ̀ bíi ti Photoshop. GIMP náà wà, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tó kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sí yàtọ̀ díẹ̀.

## Ọ̀nà kẹta, èyí tí a yàn: AI lábẹ́, aṣọ gidi lókè

AI mọ ògiri àti òjìji í yà ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni aṣọ yín. Nítorí náà, ẹ gba ògiri lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ ti gidi bo èyí tó yà.

1. Ẹ ṣí ẹ̀dà tí ẹ gé sí 2:3 (2688 sí 4032) nínú Photoshop.

2. Ẹ lo `File > Place Embedded` láti gbé fọ́tò tí AI dá padà sórí rẹ̀, kí ẹ sì nà án kó bá a mu. Bí ó bá jẹ́ 1024 sí 1536, 262.5% ni yóò bá a mu rẹ́gí. Bí ẹ bá ti gé fọ́tò yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dọ́gba.

3. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí ipò ìpele AI náà láti `Normal` sí `Difference`. Ibi tí fọ́tò méjèèjì bá ti bára mu á dúdú, ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ á máa tàn. Ògiri á tàn, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Inú aṣọ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí ó bá dúdú pẹ̀lú erukutu díẹ̀, kò sí wàhálà púpọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tó ń tẹ̀ lé ọnà àdìrẹ náà, AI ti tún ọnà yà nìyẹn. Bí gbogbo etí aṣọ bá ní ìlà méjì méjì, ó ti sún aṣọ kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ dá a padà sí `Normal` lẹ́yìn náà.

4. Ẹ fa ìpele AI sí abẹ́ ìpele aṣọ. Bí Photoshop bá ti ti ìpele fọ́tò yín pa, tó sì pè é ní Background, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí.

5. Ẹ ṣe ìgbésẹ̀ 2 sí 4 ti ọ̀nà kejì lórí aṣọ ti gidi. Gbàrà tí ìbòjú bá ti wà níbẹ̀, ògiri AI á yọ lẹ́yìn aṣọ.

6. Ẹ wo etí aṣọ yíká. Nǹkan méjì ló máa ń bàjẹ́ níbí. Bí AI bá ya bùbá tirẹ̀ tóbi ju ti gidi lọ, etí rẹ̀ á máa yọjú lẹ́yìn bí iwin. Ẹ mú `Clone Stamp` (`S`), ẹ di `Alt` mú kí ẹ tẹ ara ògiri tó mọ́, kí ẹ sì fi kun ibi tó yọjú, lórí ìpele AI. Bí ó bá jẹ́ pé ìlà tín-ín-rín tó ní àwọ̀ ẹ̀yìn àtijọ́ ló yí aṣọ ká, inú ìbòjú ni àṣìṣe wà: ẹ padà sí `Select and Mask`, kí ẹ fa `Shift Edge` sí nǹkan bíi -15%.

Bí ìgbésẹ̀ 3 bá fi hàn pé AI ti sún aṣọ kúrò ní ipò gan-an, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó ya ògiri òfìfo nìkan, tí ìmọ́lẹ̀ ti apá kan náà wá, kí ẹ sì fúnra yín kun òjìji.

Ẹ ó bi wá pé ṣé nínà tí a na fọ́tò AI dé 262.5% kò ní jẹ́ kó rí bàìbàì? Á rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ni, ojú kì í wá nǹkan lára ògiri. Àti pé Instagram kò ní lò ju píkísẹ́lì 1080 ní fífẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gé iṣẹ́ yín sí ìwọ̀n 4:5, tí ẹ sì gbé e jáde ní 1080 sí 1350, ògiri tí AI yà ní 1024 kò fi bẹ́ẹ̀ nà mọ́.

Ọ̀nà àbùjá kan wà fún ẹni tó bá ń san owó Photoshop: `Generative Fill`. Inú Photoshop náà lẹ ti máa tẹ àṣẹ, ibi tí ẹ bá sì fi ìlà yí ká nìkan ló máa tún yà. Ẹ yan aṣọ, ẹ tẹ `Shift+Ctrl+I` kí yíyàn náà bọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ, kí ẹ wá tẹ ohun tí ẹ fẹ́. Orí ìpele tirẹ̀ ni èsì máa ń bọ́ sí, aṣọ ti gidi á sì wà lábẹ́ rẹ̀ láìyí padà. Ó nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń jẹ nínú kírẹ́dítì tí wọ́n fún yín lóṣù. Bí iṣẹ́ yín kò bá ju kí ẹ pa wáyà iná kan rẹ́, ẹ má fi kírẹ́dítì ṣòfò, `Spot Healing Brush` (`J`) á ṣe é.

## Àwọn ibi tí kò yẹ kí AI dé rárá

Àwọ̀ ọjà. Bí iná ṣọ́ọ̀bù bá mú kí aṣọ ní àwọ̀ ewé, ẹ má sọ fún AI pé kó "tún àwọ̀ ṣe", nítorí kò mọ bí aró yín ṣe rí lójú. Nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò, ẹ fi bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Nínú Photoshop, ẹ ṣí ìpele `Curves`, ẹ mú ohun ìfà-àwọ̀ tó wà láàárín nínú mẹ́ta, kí ẹ fi tẹ bébà náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pa á. Gbogbo àwọ̀ á padà sí ipò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣe ìbòjú, kí bébà má bàa ti parẹ́ kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá ti ní ògiri tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ `Ctrl+Alt+G` lórí `Curves` kó má bàa kan ju aṣọ lọ.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí fọ́tò. Bí ẹ bá ní kí AI kọ "Ẹ káàbọ̀" tàbí "Aṣọ ẹbí ti dé", ó lè gbé àmì sórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí kí ó gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fi `Type Tool` (`T`) kọ ọ́ fúnra yín. Bí àmì bá ń bọ́ kúrò lórí lẹ́tà, fọ́ǹtì ni kò ní in. Noto Sans ní gbogbo rẹ̀. Iye owó àti nọ́ńbà fóònù náà, ọwọ́ yín ni kí ó ti jáde: bí AI bá ṣi nọ́ńbà kan kọ, ilé ẹlòmíràn ni oníbàárà yín máa pè.

Ohun tó ń lọ sí Ṣómólú fún títẹ̀. Àwọn atẹ̀wé máa ń béèrè píkísẹ́lì 300 fún ínṣì kan. Ní ìwọ̀n yẹn, fọ́tò AI ti 1024 sí 1536 kò lè ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8.7 sí 13 lọ, ìyẹn ni pé kò tó ìdajì bébà A4, tó ń fẹ́ 2480 sí 3508. Fọ́tò fóònù yín ti 3024 sí 4032 tó bẹ́ẹ̀, ó sì kù. Nítorí náà, fún káléńdà tàbí pátákó, ọ̀nà kejì ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi `Solid Color` ṣe ògiri.

## Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn

- [ ] Ẹ ti tọ́jú fáìlì náà ní PSD (`Ctrl+S`), pẹ̀lú gbogbo ìpele rẹ̀. Photoshop ń ṣe ìpamọ́ ti ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 10 sí 10 bí ẹ kò bá yí i padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú iná ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti lọ nìyẹn.
- [ ] Ẹ ti gbé e jáde láti `File > Export > Export As`, ní JPG, kí `Convert to sRGB` sì wà ní títẹ̀. Láìsí ìyẹn, àwọ̀ aró lè yí padà lójú fóònù oníbàárà.
- [ ] Ẹ ti ṣí JPG náà lórí fóònù, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìkan, ẹ sì ti gbé aṣọ gidi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ.
- [ ] Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, ẹ yan `HD`, tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ bíi `Document` kí ọnà rẹ̀ má bàa fọ́.